Oúnjẹ Tó Ń Dúró De Ọmọ, Oúnjẹ Tí Ọmọ Ń Dúró Dè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe kí a tó di ẹrù sínú ọkọ̀. A ó pe ìyá wa nílé, a ó kí i, lẹ́yìn náà a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn ọmọ ń jẹ àti ohun tí wọn kì í jẹ fún un. Àkọ́bí kì í jẹ ilá. Ti àárín kì í fẹnu kan ata. Àbíkẹ́yìn ò mọ oúnjẹ mìíràn ju indómì àti ẹyin lọ. A rò pé a ń ran ìyá lọ́wọ́ ni. Mo fẹ́ sọ ìtàn ìyá àgbà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fún yín, bó ṣe yan oúnjẹ kọ̀ọ̀kan tó fi pàdé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Iléyá ọdún 2024. Inú yíyàn yẹn ni mo ti rí ẹ̀kọ́ ilé tí mi ò rí nínú ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí à ń gba ara wa.

Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n ń bọ̀ láti Èkó. Àbẹ̀kẹ́ ni àgbà wọn, ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Táyé àti Kẹ́hìndé tẹ̀ lé e, Táyé jẹ́ ọkùnrin, Kẹ́hìndé jẹ́ obìnrin. Ìdòwú tó gbẹ̀yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Iléyá ọdún náà bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ìjẹ̀bú máa ń ṣe Ojúde Ọba, nígbà tí àwọn regbẹ́rẹgbẹ́ àti àwọn ìdílé Balógun tó ń gẹṣin máa ń lọ kí Awùjalẹ̀ níwájú ààfin. Nítorí náà ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fẹ́ wọlé, kí wọ́n má padà sí Èkó títí di Ọjọ́rú. Ìyá Ìbejì ti pe ìyá ọkọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

"Màmá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú o. Ìrẹsì díndín àti adìẹ ti tó wọn."

"Mo gbọ́, ìyàwó mi," ni Ìyá Àgbà wí. Lẹ́yìn náà ó béèrè ìbéèrè méjì péré. Èkíní, ǹjẹ́ oúnjẹ kankan wà tó ń ṣe èyíkéyìí nínú wọn ní àìsàn? Ìyá Ìbejì ní rárá o, àfi pé èébì máa ń gbé Ìdòwú bí wọ́n bá pẹ́ nínú ọkọ̀. Èkejì, aago mélòó ni wọ́n fẹ́ kúrò ní Èkó? Ìyá Ìbejì ní lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ìyá Àgbà dákẹ́ díẹ̀, ó ní ó dáa, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ìdáhùn méjèèjì yẹn ló fi yan oúnjẹ alẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá kúrò ní Èkó lọ́sàn-án Jímọ̀ tí Iléyá kù sí ọ̀tunla kò lè sọ aago tí yóò wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ojú ọ̀nà á kún fọ́fọ́, àwọn ọkọ̀ tó kó àgbò á wà lára wọn. Bó bá se ìrẹsì sílẹ̀ de aago mẹ́rin, tí wọ́n wá dé ní aago mẹ́sàn-án, ìrẹsì á ti rọ̀ mọ́ra wọn, ọbẹ̀ á ti gbẹ mọ́ ìkòkò nítorí gbígbé kaná lọ́pọ̀ ìgbà. Bó bá sì dúró kí wọ́n dé kó tó gbé iná, ọmọ tí ebi ń pa á ti sùn lọ. Oúnjẹ tó lè dúró de ọmọ ló ń wá, tí kò sì ní wúwo fún ikùn ẹni tí èébì gbé lójú ọ̀nà. Ó yan ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín eléwé.

Aládùúgbò rẹ̀ kan dábàá iyán. Iyán dùn, iyán sì yẹ àlejò, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ní èjìká òun ò gba ọmọ-odó mọ́, àti pé òun ò ní fi ẹ̀yìn tó ń ro òun pàdé ọmọ òun. Mo yin ìyá náà fún èyí. Àwa ọmọ ni kì í jẹ́ kí àwọn ìyá wa sọ ọ́ jáde, torí bí a bá dé tí a ò bá iyán, ojú wa á ti kọ́kọ́ yí padà.

Ó rẹ ẹ̀wà, ó bó o títí eèpo fi tán pátápátá, nítorí eèpo tó bá ṣẹ́kù ló máa ń jẹ́ kí mọ́ínmọ́ín dúdú, kó sì há lọ́nà ọ̀fun. Ó lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàṣé àti àlùbọ́sà títí ó fi kúnná. Bí omi bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò ní dì, á kàn máa ṣàn nínú ewé ni. Bí omi bá kéré jù, á le, á sì máa sán. Nígbà tó bá fi ṣíbí bù ú sókè, tó rọra ń ṣàn wálẹ̀ láì já, ó mọ̀ pé ó tó. Ó to igi ewé eéran sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí omi má bàa kan mọ́ínmọ́ín, ó pọ́n ọn sínú ewé, ó tò ó léra, ó sì dé e pinpin. Ó jinná láàárín wákàtí kan. Láti ìgbà náà, iná kékeré àti omi díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló kù tó nílò, kò sì sí ohun tó ṣe é títí àwọn ọmọ fi dé ní bíi aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Ìdòwú ti bì lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Àgbà kò sọ pé kó jẹun. Ó tú ẹ̀kọ kan, ó pò ó pọ̀ mọ́ omi gbígbóná pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀, ó gbé e fún un kó rọra máa mu ún. Kẹ́hìndé wo ewé tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, ó ní nínú ike ni wọ́n ti máa ń ra tàwọn ní Èkó. Ìyá Ìbejì fẹ́ bá a wí. Ìyá Àgbà fọwọ́ dá a dúró, ó gba ewé náà, ó tú u lójú ọmọ, ó fi hàn án ibi tí igun rẹ̀ ti ṣẹ́ sí abẹ́. "Tú ìkejì fúnra rẹ." Ó tú u. Ẹyọ ẹyin kan wà láàárín rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ike mọ́.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ Àràfà, ìyá náà sì gba ààwẹ̀. Oúnjẹ tó yàn fún ìṣínu ni ìkọ́kọrẹ́. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a dúró sí, torí ìkọ́kọrẹ́ kò jọ mọ́ínmọ́ín rárá. Kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá ti kúrò lórí iná tó sì tutù, á dì gbagidi, gbogbo omi ọbẹ̀ rẹ̀ á wọnú ewùrà lọ. Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ ni yóò dúró dè é, kó sì wà nítòsí nígbà tó bá jinná. Fún àwọn ọmọ tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú mélòó kan ni omi gbígbóná fi ń ṣe indómì wọn, Ìyá Àgbà mọ̀ọ́mọ̀ yan oúnjẹ tí kò ṣeé kánjú, ó sì fi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí i fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ewùrà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ yàn ní ọjà. Oṣù kẹfà ni a wà, ewùrà tí wọ́n wa lẹ́yìn òjò ọdún tó kọjá ló wà lórí àtẹ. Ìyẹn gan-an ló wù ú, torí ewùrà tó ti pẹ́ nílé ti gbẹ, omi ara rẹ̀ ti dín kù. Tuntun lómi púpọ̀, ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ á sì tú pátápátá sínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ògbólógbòó ní láti fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ yí ká. Ibi tó bá rọ̀ ti rà nínú. Bó bá ti hù, kó gé orí rẹ̀ kúrò dáadáa. Ó ra ọ̀kan tó tóbi díẹ̀, ó ní yóò tó gbogbo ilé.

Lẹ́yìn ìrun Àláásárì ó pe Táyé. Wọ́n bó ewùrà, wọ́n fọ̀ ọ́, ó sì fi epo pupa díẹ̀ pa ọmọ náà lọ́wọ́ kí oje ewùrà má bàa yún un. Ó gbé páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ihò sí fún un kó máa rin ín. Ìyá Ìbejì ní ẹ̀rọ ìlọta wà nínú mọ́tò, òun gbé e wá láti Èkó. Ìyá Àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣàlàyé: ẹ̀rọ kò ní lọ ewùrà láìjẹ́ pé èèyàn bu omi sí i, omi yẹn ló sì máa ba kókó rẹ̀ jẹ́. Táyé rin ín lọ. Nígbà tí ìṣù ọwọ́ rẹ̀ kéré tó bí ọmọ ìka, ìyá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó parí rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí páànù má bàa bó ọmọ lọ́wọ́. Bó ṣe ń ṣe gbogbo rẹ̀ nìyẹn: ó gbé iṣẹ́ gidi fún ọmọ, ó sì mọ ibi tó yẹ kó ti gbà á padà. Mo ti rí àwa òbí tó jẹ́ pé a kì í gbé e fún wọn rárá, mo sì ti rí àwọn tó gbé e fún wọn tán tí wọ́n bá tiwọn lọ.

Ẹja àrọ̀ yíyan ló bọ́ sọ́wọ́ Kẹ́hìndé. Ó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ó fọ̀ ọ́, ó ń yọ egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Àbúrò rẹ ló máa jẹ ẹ́," ni ìyá wí fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló sọ, ọmọ náà sì tún inú àwo wò lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá náà gbé ọbẹ̀ kaná: tàtàṣé àti àlùbọ́sà tó ti lọ̀, epo pupa, omi tó pọ̀ díẹ̀ ju ti ọbẹ̀ ojoojúmọ́, edé, pọ̀nmọ́ tó ti sè rọ̀. Ní ti ata rodo, kò lọ̀ ọ́. Odidi ló sọ sínú ọbẹ̀, méjì, pẹ̀lú igi orí wọn. Bí odidi ata rodo bá hó nínú ọbẹ̀ láì bẹ́, òórùn rẹ̀ á wọ oúnjẹ, títa rẹ̀ á sì wà nínú ara rẹ̀. Kí ẹni tó ń ro ìkòkò kó wọn kúrò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, torí bí ọ̀kan bá bẹ́, ọ̀rọ̀ á yí padà. Àwọn ará ilé tó fẹ́ ata á tẹ tiwọn sínú àwo tiwọn. Àwọn kan gbà pé ọmọ Yorùbá tí kò bá lè jẹ ata ti ya aláìnílé, wọ́n sì máa ń fi omijé ọmọ ṣe ẹ̀rín lọ́jọ́ ọdún. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ jó lálẹ́ àkọ́kọ́ á máa bẹ̀rù ìkòkò ìyá rẹ̀ àgbà títí ọdún yóò fi parí.

Iyọ̀ ni ìṣòro. Ààwẹ̀ ń bẹ lẹ́nu ìyá, kò sì fẹ́ kí oúnjẹ súnmọ́ ahọ́n òun. Ó pe Àbẹ̀kẹ́, tí ara rẹ̀ kò gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó bu omi ọbẹ̀ sí i lọ́wọ́. "Ṣé ó tó?" Àbẹ̀kẹ́ ní ó kù díẹ̀. Ìyá béèrè pé ṣé ó rántí pé ewùrà kò tíì bọ́ sí i, pé ewùrà náà á fa iyọ̀ mu, àti pé ẹja yíyan náà ní adùn tirẹ̀. Ọmọ náà tún tọ́ ọ wò, ó ronú, ó ní kí wọ́n fi ìka mẹ́ta bù ú sí ọbẹ̀, kí wọ́n sì fi díẹ̀ sí ewùrà. Ìyá bu iye tó sọ gan-an. Kò fi kún un, kò yọ kúrò. Oúnjẹ ìṣínu gbogbo ilé wà lọ́wọ́ ahọ́n ọmọdé kan, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá rí i bó ṣe dúró ti ìkòkò náà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀, wọ́n dín iná kù. Ìyá kó ata rodo méjèèjì jáde, ó da ẹja sí i, ó wá ń fi ọwọ́ sọ ewùrà rírin sínú ọbẹ̀ ní kókó kókó. Kò rò ó. Bí èèyàn bá rò ó lójú ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di ọ̀kan ṣoṣo, kò ní sí kókó nínú rẹ̀. Ó dé e fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Táyé fẹ́ ṣí i. Ìyá ní kó gbọ́ ohùn rẹ̀ ná: híhó omi ọbẹ̀ á kọ́kọ́ ròkè, lẹ́yìn náà á wá nípọn, á máa sọ pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ṣí i. Ó fi igi ìrobẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mélòó kan péré, kí díẹ̀ tú sínú ọbẹ̀, kí púpọ̀ wà ní kókó. Ó ya kókó kan sí méjì, ó fi inú rẹ̀ hàn wọ́n. Àárín rẹ̀ ṣì funfun bí ẹfun. Èyí tí kò bá jinná á yún ọ̀fun. Wọ́n tún dé e. Ìdòwú wà lẹ́nu ọ̀nà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó tẹ́tí sí ìpè ìrun Màgíríbì. Ìgbà tó kígbe pé wọ́n ti ń pè é ni kókó kejì tí wọ́n yà ti pọ́n dé àárín.

Omi àti ìwọ̀nba dàbínù ni ìyá fi ṣínu, ó kírun, lẹ́yìn náà wọ́n gbé àwo kan fún àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àbẹ̀kẹ́ fọwọ́, àwọn ìbejì fọwọ́, Ìdòwú fọwọ́ kẹ́yìn. Ìyá náà kò ṣe ìwàásù lórí bí a ṣe ń jẹun nínú àwo kan. Ìkọ́kọrẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà: kókó rẹ̀ ṣeé kà, ẹni tó bá jẹ kókó mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, gbogbo ojú á rí i. Táyé nawọ́ sí èyí tó tóbi jù, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sún ọwọ́ sẹ́yìn. Àbẹ̀kẹ́ ya á sí méjì fún òun àti Ìdòwú.

Ní ọjọ́ Iléyá, ìyá kò se oúnjẹ òwúrọ̀ rárá, àfi ògì fún Ìdòwú. Sunna ni kí èèyàn má jẹun kó tó ti yídì dé, kó sì fi ẹran tó pa ṣe oúnjẹ àkọ́kọ́. Ẹ̀dọ̀ ló yàn, torí kì í pẹ́ jinná: ó gé e wẹ́wẹ́, ó dín in pẹ̀lú àlùbọ́sà nígbà tí wọ́n ṣì ń kun ìyókù àgbò. Lẹ́yìn èyí ni pínpín. Ìdá kan fún ilé, ìdá kan fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, ìdá kan fún aláìní. Àwọn ọmọ ló gbé e káàkiri, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò tó jẹ́ onígbàgbọ́. Ó ní kí wọ́n dé abọ́, kí wọ́n kúnlẹ̀ tàbí kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, kí wọ́n sì jẹ́ kí onílé fúnra rẹ̀ ṣí i. Kẹ́hìndé béèrè ìdí tí ẹran ilé ìyá opó kan ní ìsàlẹ̀ fi dára ju èyí tó kù sí ilé wọn lọ. Ìyá ní torí pé òun ló yàn án bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, gàrí Ìjẹ̀bú ló yàn fún wọn. Bàbá wọn ti bá àwọn regbẹ́rẹgbẹ́ rẹ̀ jáde pẹ̀lú aṣọ wọn, àwọn ọmọ ti wo ẹṣin àti ìlù títí oòrùn fi mú wọn. Ẹni tó bá ti inú oòrùn àti èrò bẹ́ẹ̀ dé kò fẹ́ oúnjẹ gbígbóná. Gàrí yìí ni ìyá ti kọ́kọ́ tọ́jú nínú gbogbo oúnjẹ ọdún náà, ó ti ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣe é lábúlé láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn pé kó jẹ́ kí tòun pẹ́ nínú àpò kí wọ́n tó yan án. Ọjọ́ mélòó kan tó fi wà nínú àpò tí wọ́n gbé ẹrù lé ló sọ ọ́ di kíkan. Ó dà á sínú omi tútù, ó fi ẹ̀pà àti ẹran díndín tì í. Ẹnu Ìdòwú kọ́kọ́ kan. Ó tún bu omíràn.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú tí wọ́n ń di ẹrù, Táyé ní kí Màmá Àgbà bá àwọn se ìkọ́kọrẹ́ sínú kúlà lọ sí Èkó. Ó kọ̀ fún un. Ó ní kí wọ́n tó dé Ṣàgámù á ti dì, kò sì ní dùn mọ́ wọn lẹ́nu. Gàrí àti ẹran díndín ló fi sínú ọkọ̀, àwọn yẹn á dúró. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó gbé ewùrà kan jáde àti páànù oníhò kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, ó kó wọn lé Táyé lọ́wọ́, ó sì yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Ìyàwó mi, òun ni yóò rin ín. Ìwọ gba èyí tó bá kù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá kéré tó ọmọ ìka."